Wọ́n ní 160,000 lowó oṣù mi, lẹ́tà dé, mo rí 90,000. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀jọ́dù

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi lọ́kàn láti àná, mi ò sì fẹ́ fi ìkánjú ba nǹkan jẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí ni. Obìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù sọ fún mi kedere pé 160,000 náírà ni gírọ́ọ̀sì mi lóṣù. Inú mi dùn, nítorí 115,000 ni mò ń gbà níbi tí mo wà báyìí.

Lẹ́tà wá dé lánàá, àyà mi já. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé, iye ọdún kan ni:

```
Bésíìkì     1,080,000
Owó ilé       540,000
Owó ọkọ̀      300,000
```

Mo pín bésíìkì sí ọ̀nà 12, 90,000 ló jáde. Bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rò ni pé 160,000 ni bésíìkì, tí owó ilé àti owó ọkọ̀ yóò wá gun orí rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má fọwọ́ sí i, pé bí wọ́n bá ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀, irọ́ náà ni wọ́n á fi parí. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún mi láti dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Tádé_Bódìjà

Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò rẹ́ yín jẹ. Ẹ pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 12, kí ẹ tó ro ó pọ̀:

```
90,000 + 45,000 + 25,000 = 160,000
```

Iye tí obìnrin yẹn sọ fún yín gan-an nìyẹn. Gírọ́ọ̀sì ni àpapọ̀ wọn, bésíìkì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé wọn kì í yọ owó orí lára owó ilé àti owó ọkọ̀, bésíìkì nìkan ni wọ́n ń yọ ọ́ lára. Bákan náà ni péńṣọ̀n. 8 nínú ọgọ́rùn-ún bésíìkì ni, ìyẹn 7,200 náírà. Nítorí náà, bí bésíìkì bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa fún òṣìṣẹ́ tó.

Olùkọ́_Ìkẹ́rẹ́

Èmi ò rí owó ilé kankan nínú ìwé owó oṣù tèmi o, bẹ́ẹ̀ ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ṣé ó yẹ kí n lọ bá wọn jà ni? Ta ló ń gba owó ilé wa?

Bàbá_Akápò

Olùkọ́, kò sẹ́ni tó jí owó yín. Ìjọba ti po owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ohun tí wọ́n ń pè ní kónsólídéètì nìyẹn. Owó ilé àti owó ọkọ̀ ti wọ inú iye kan ṣoṣo tí ẹ rí lórí ìwé yín. Ìbéèrè Àbẹ̀kẹ́ yàtọ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, iṣẹ́ ṣíṣe ìwé owó oṣù ni mo fi ọdún 27 ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ọ. Tádé rò ó pọ̀ dáadáa, 160,000 náà ni. Àmọ́ ohun méjì tó sọ tẹ̀lé e kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè kó bá ọ.

Ọ̀rọ̀ owó orí ni n ó kọ́kọ́ mú. Ohun tí Tádé sọ yìí ti fìgbà kan jẹ́ òótọ́. Kí wọ́n tó tún òfin owó orí ṣe ní 2011, 150,000 náírà lọ́dún nínú owó ilé kì í san owó orí, 20,000 lọ́dún nínú owó ọkọ̀ náà kì í san. Owó oúnjẹ ní 5,000 tirẹ̀, owó iná àti omi ní 10,000. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe ìwé owó oṣù nígbà náà fi ń gé owó èèyàn sí wẹ́wẹ́: gbogbo orúkọ tó o bá fún owó ló ní iye tí ìjọba fojú fò. Mo rántí ìwé òṣìṣẹ́ kan tó ní ìlà mẹ́sàn-án, èmi fúnra mi ni mo tò ó. Òfin 2011 kó gbogbo ìyẹn dànù, ó fi ìdẹ̀kùn owó orí kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 tún ti kó ìdẹ̀kùn yẹn náà lọ. Àpapọ̀ owó ni wọ́n ń wò báyìí. Àwọn orúkọ àtijọ́ ló ṣẹ́ kù lórí ìwé.

Èkejì ni péńṣọ̀n, ibẹ̀ ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti ṣì lágbára jù lọ. Òfin péńṣọ̀n ti 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ yóò dá ó kéré tán 8 nínú 100, ilé-iṣẹ́ yóò dá ó kéré tán 10 nínú 100. Owó tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ dín sí àpapọ̀ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o, kì í ṣe bésíìkì nìkan. Ní tìrẹ, 160,000 ni gbogbo rẹ̀. Tìrẹ yóò jẹ́ 12,800, tiwọn 16,000.

Tádé, bóyá owó ìkówójọ fún ilé kíkọ́ lo ṣì mú mọ́ ọn. Ìyẹn ni òfin 1992 ní kí wọ́n yọ 2.5 nínú 100 bésíìkì fún.

Tádé_Bódìjà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni, ìyẹn ni mo rí lórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 18 nínú 100 ni wọ́n á yọ lára Àǹtí nìyẹn? 28,800! Owó yẹn pọ̀ jù.

Bàbá_Akápò

Rárá o. 12,800 nìkan ló ń jáde lára owó rẹ̀. 16,000 yẹn, àpò ilé-iṣẹ́ ló ti ń wá, orí 160,000 ló sì jókòó lé. Kì í ṣe inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bù ú.

Àwọn kan máa ń ṣe mágòmágó níbẹ̀, nítorí náà Àbẹ̀kẹ́, bó o ṣe máa mọ̀ rèé. Wọ́n á dárúkọ iye ńlá kan fún ọ lórí fóònù, wọ́n á sì ti ka ìdá 10 tiwọn mọ́ ọn. Nígbà tí lẹ́tà bá dé, tó o ro ìlà mẹ́ta yẹn pọ̀, kò ní pé iye tí wọ́n dárúkọ. Ìlà tìrẹ pé 160,000 géérégé, ìyẹn ni pé tiwọn ń bẹ lórí rẹ̀. Tún wo ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún ọ. Bó o bá rí ìlà péńṣọ̀n méjì lábẹ́ ohun tí wọ́n yọ, 12,800 àti 16,000, wọ́n ti fi owó rẹ san gbèsè tiwọn. Má dákẹ́ o.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú

Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i: ṣé oṣooṣù ni owó ilé ń wọlé ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n kọ gírọ́ọ̀sì 170,000 sí lẹ́tà mi. Oṣù kejì tí mo débẹ̀, 130,000 ni mo rí lókè ìwé kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Mo sunkún. Àṣé owó ilé tí í ṣe 40,000 lóṣù, wọ́n ti san án fún mi lẹ́ẹ̀kan náà ní January, 480,000, èmi sì rò pé ẹ̀yáwó tí mo béèrè fún ilé ni wọ́n fún mi. Mo kó owó náà fún onílé ní Ìgbógbo, ó tán síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni ìgbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìparí May ni mo kúrò. Wọ́n ní oṣù márùn-ún nìkan ni mo ṣe nínú owó ilé ọdún yẹn, pé oṣù méje tó kù, 280,000, mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Wọ́n gba owó May mi tán, wọ́n gba owó ìsinmi tí mi ò lò, síbẹ̀ mo ṣì jẹ wọ́n lówó. Ó wà nínú lẹ́tà mi lóòótọ́, ojú ìwé kẹta. Mi ò kà á débẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀jọ́dù

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ tèmi wò, ohun tí wọ́n kọ ni pé wọ́n á máa san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ṣeun gan-an.

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Èló gan-an ni yóò wọ àkáǹtì mi? Ọkọ mi fẹ́ ká ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ilé-ìwé ọmọ. 400,000 ni à ń san lọ́dún fún ilé tí à ń gbé, orúkọ tèmi ló sì wà lórí ìwé àdéhùn ilé.

Bàbá_Akápò

Jẹ́ ká ṣe é lọ́dún, torí ọdún ni òfin owó orí ń wò. 160,000 lọ́nà 12 jẹ́ 1,920,000. Yọ péńṣọ̀n rẹ kúrò, 153,600. Ó ku 1,766,400. Nínú ìyẹn, 800,000 àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan. Ó ku 966,400, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí ìyẹn fún ìpele tìrẹ. Owó orí rẹ lọ́dún jẹ́ 144,960, ìyẹn 12,080 lóṣù.

```
160,000 - 12,800 - 12,080 = 135,120
```

135,120 ni áláàtì rẹ, bí kò bá sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń yọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n o ní o ń san owó ilé, ìyẹn yí i padà díẹ̀. Òfin tuntun gbà kí o yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí o ń san fún onílé, kí ohun tí o máa yọ má ṣáà ju 500,000 lọ. Ìdá 20 nínú 400,000 jẹ́ 80,000. Bí o bá yọ ìyẹn náà, owó orí rẹ di 11,080 lóṣù, áláàtì di 136,120. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù ló fi lé sí i. Kò pọ̀, àmọ́ tìrẹ ni. O gbọ́dọ̀ mú ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì fún àwọn tó ń ṣe owó oṣù, torí wọn kò ní mọ̀ bó ò bá sọ.

Fi í sọ́kàn pé owó ilé tí ilé-iṣẹ́ kọ sí lẹ́tà, 540,000 yẹn, kò kan ìṣirò yìí rárá. Owó tí o san fún onílé ni wọ́n ń wò. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ owó ilé, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń po wọ́n pọ̀.

Kúnlé_Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Gírọ́ọ̀sì tèmi náà 160,000 ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in:

```
Bésíìkì          30,000
Owó ilé          15,000
Owó ọkọ̀         15,000
Owó ìrànwọ́     100,000
```

Mo lọ wo àkáǹtì péńṣọ̀n mi, 10,800 ló ń wọ ibẹ̀ lóṣù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn kò rú òfin kankan.

Bàbá_Akápò

Kúnlé, o ti fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí gan-an nínú iṣẹ́ yìí. Àpapọ̀ mẹ́ta tìrẹ jẹ́ 60,000. Ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ 4,800, ìdá 10 tiwọn jẹ́ 6,000, ìyẹn ni 10,800. Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ jọ ń gba iye kan náà, 28,800 ni yóò máa wọ àkáǹtì tirẹ̀. 18,000 ni ìyàtọ̀ lóṣù kan, 216,000 lọ́dún kan. Ilé-iṣẹ́ rẹ ń fi 10,000 pa mọ́ lóṣù lórí orí rẹ nìkan. Ní tòótọ́, 8,000 tí wọn kò yọ lára ìwọ náà ń bọ́ sí ọ lọ́wọ́, àmọ́ ọjọ́ ogbó ni wọ́n ti ń bù ú fún ọ.

Ṣé wọ́n rú òfin? Ohun tí òfin sọ ni àpapọ̀ owó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àdéhùn òṣìṣẹ́, kó má sì dín sí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Èrò tèmi ni pé bí wọ́n bá ń san 100,000 fún ọ lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró, tó sì wà nínú lẹ́tà rẹ, owó oṣù ni, ó yẹ kó wọ inú rẹ̀.

Kúnlé_Ṣàgámù

Lọ́yà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ fún mi pé mẹ́ta yẹn ló jẹ́ ìpìlẹ̀, pé bí wọn kò bá ti rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹsẹ̀ wọn dúró.

Bàbá_Akápò

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń kà á bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà. Kọ lẹ́tà sí Pẹ́nkọ́mù, àjọ ìjọba tó ń mójú tó péńṣọ̀n, kó ẹ̀dà lẹ́tà iṣẹ́ rẹ àti ìwé owó oṣù mẹ́ta tì í, kí o gbọ́ tẹnu wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wà báyìí, àwa mẹ́jọ péré ni. Ọ̀gá wa ní péńṣọ̀n kò kan òun. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá_Akápò

Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin fi dandan lé. Ẹ̀yin mẹ́jọ, ẹ lè ṣí àkáǹtì tiyín fúnra yín, kí ẹ máa dá owó sí i bí ó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn.

Tádé_Bódìjà

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí owó orí kò bá wo orúkọ mọ́, tí péńṣọ̀n sì ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ló kù tí bésíìkì nìkan ń ṣe? Ṣé ó tún já mọ́ nǹkan bó jẹ́ 90 tàbí 60?

Bàbá_Akápò

Ó já mọ́ nǹkan dáadáa, ọmọ mi. Lẹ́tà iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí o wò. Owó ìsinmi ọdọọdún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ ọ́ pé ìdá kan nínú bésíìkì ọdún. Owó tí wọ́n ń fún ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá ń lọ, bésíìkì náà ni wọ́n sábà máa ń lò. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sì sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi owó rọ́pò ọjọ́ ìkìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí òfin náà bá kàn, wọn kò ní ka owó iṣẹ́ àṣekún àti àwọn àfikún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kí Àbẹ̀kẹ́ máa lọ lónìí pẹ̀lú owó oṣù kan, 90,000 ni wọ́n lè kà sí i lọ́wọ́, kì í ṣe 160,000. Bó bá jẹ́ Kúnlé ni, 30,000.

Àbẹ̀kẹ́, kí ni lẹ́tà rẹ sọ nípa ìsinmi àti àfikún owó?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀jọ́dù

Owó ìsinmi jẹ́ ìdá 10 nínú 100 bésíìkì ọdún, 108,000 ni mo rò ó sí. Nípa àfikún, wọ́n kọ pé bí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á fi 10 nínú 100 kún un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n máa fi kún.

Bàbá_Akápò

Ìyẹn gan-an ni kí o béèrè kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bó bá jẹ́ bésíìkì, 9,000 ni, gírọ́ọ̀sì á di 169,000. Bó bá jẹ́ gírọ́ọ̀sì, 16,000 ni, á di 176,000. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o, kí wọ́n má kàn sọ ọ́ lórí fóònù.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀jọ́dù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní bésíìkì nìkan ni àfikún yẹn wà fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣe é lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní òun á bi ọ̀gá òun, àmọ́ ó ti fi ìméèlì ránṣẹ́ pé péńṣọ̀n wọn ń bẹ lórí 160,000, kì í ṣe inú rẹ̀. Mo fi ìṣirò Bàbá han ọkọ mi, òun náà tún un rò lórí fóònù rẹ̀ nígbà méjì, 136,120 ló ń bá. Ó ti ní kí n fọwọ́ sí i. Mo máa dúró di ọ̀la kí n gbọ́ ti ọ̀gá wọn ná.

Kúnlé_Ṣàgámù

Oríire o, Àǹtí. Èmi ń kọ lẹ́tà Pẹ́nkọ́mù lálẹ́ yìí. Bàbá, ìwé owó oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ wí yẹn, ṣé ti oṣù mẹ́ta tó kọjá ni, àbí kí n mú ti ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ náà mọ́ ọn? Torí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bésíìkì mi jẹ́ 55,000. Ọdún kejì ni wọ́n tún un pín, gírọ́ọ̀sì kò sì yí padà.

Bàbá_Akápò

Mú ti ọdún tí o bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí o fi í ṣáájú. Wo lẹ́tà iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ náà, bóyá o tún fọwọ́ sí òmíràn nígbà tí wọ́n yí i.

Kúnlé_Ṣàgámù

Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan, Bàbá. Orí ìwé owó oṣù ni mo ti rí i.